Àìfohùnṣọ̀kan ni, kì í ṣe "ìyàtọ̀": bí a ṣe ń ka àtẹ ọ̀pá-ẹ̀rí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìtumọ̀ tó ṣe ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àwòrán igbó náà fi hàn pé ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn ìwádìí náà." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi kò dùn rárá. Igbó wo? Ta ló sì sọ fún un pé ìwádìí méjì lè wà láyé kí ìyàtọ̀ má sí láàárín wọn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti igbó. Àwọn Òyìnbó fi orúkọ yẹn, "forest plot", pe àtẹ tó ń to èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ìbéèrè kan náà sójú kan, nítorí pé àwọn ìlà inú rẹ̀ jọ igi lójú wọn. Àmọ́ gbogbo ìlà àwọn ìwádìí ló nà gbalaja sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó dúró. Bí ẹ bá dárúkọ igbó fún ọmọ Yorùbá, ibi tó ṣókùnkùn, tí èèyàn ti ń ṣìnà, ló máa wá sí i lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ kí ojú lè rí ọ̀rọ̀ kedere ni wọ́n ṣe ya àtẹ yìí. Àwọn kan ní ká kúkú máa kọ "fọ́rẹ́ẹ̀sì pílọ́ọ̀tì", kí ó parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Àtẹ ọ̀pá-ẹ̀rí ni èmi ń pè é, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀.

"Ìyàtọ̀" tó fi túmọ̀ "heterogeneity" ló bí mi nínú jù. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi pa mọ́ gan-an ni ohun tí àtẹ fẹ́ fi hàn wá.

Ká ní ẹbí méjì ń jà sí ààlà oko, tí pẹ̀rẹ̀gún tí àwọn bàbá wọn gbìn síbẹ̀ sì ti kú. Wọ́n pe àgbà mẹ́tàlá, wọ́n ní kí oníkálukú fi ọ̀pá lélẹ̀ síbi tó mọ̀ pé ààlà wà. Ẹni tó dá lójú á fi ọ̀pá kúkurú lélẹ̀: "Láti ibí dé ibí, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀." Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ débẹ̀ lọ́mọdé á fi ọ̀pá gígùn lélẹ̀. Bí ọ̀pá gbogbo wọn bá gba orí ibì kan náà kọjá, ohùn wọn ṣọ̀kan, bí àárín ọ̀pá kálukú kò tilẹ̀ sí lójú kan. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àìdánilójú ló fà á. Ṣùgbọ́n bí àgbà méjì tó dá lójú bá fi ọ̀pá kúkurú méjì lélẹ̀, ọ̀kan lẹ́bàá odò, ọ̀kan lẹ́bàá títì, a jẹ́ pé ààlà tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí ni mò ń pè ní àìfohùnṣọ̀kan: ìyàtọ̀ tó ju ohun tí àìdánilójú lásán lè fà lọ. Àwọn tó ń kọ "àìdọ́gba" náà kò tíì débẹ̀, torí ọ̀pá tó fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú kì í dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ojúlówó àtẹ kan. Ní 1994, Colditz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí àkópọ̀ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA lórí BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife tí wọ́n ń kọ sí káàdì ọmọ tuntun. Ìwádìí 13 ló wà lórí àtẹ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀pá tirẹ̀. Nọ́ńbà orí àtẹ ni ewu ikọ́ lápá àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí a fi ti àwọn tí kò gbà á pín. Ìlà òòró tó wà ní 1 túmọ̀ sí pé ikọ́ náà mú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tí kò gbà á bákan náà. Ọ̀pá tó bá wà lápá òsì ìlà yìí ń sọ pé abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀pá ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1977, bẹ̀rẹ̀ láti 0.18, ó parí sí 0.31: nínú 13,598 tó gba abẹ́rẹ́, 62 ni ikọ́ mú, nínú 12,867 tí kò gbà á, 248. Ọ̀pá ti agbègbè Madras ní Íńdíà, ti 1980, bẹ̀rẹ̀ láti 0.89, ó parí sí 1.14. Èèyàn 88,391 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan níbẹ̀: 505 ní ikọ́ lápá àwọn tó gba abẹ́rẹ́, 499 lápá kejì. Ọ̀pá kúkurú ni méjèèjì, wọn kò sì fara kanra rárá. Odò àti títì nìyẹn.

Ojú ti rí i kí ìṣirò tó dé. Q ni nọ́ńbà tó ń wọn bí àwọn ọ̀pá ṣe jìnnà sí ojú kan ṣoṣo tó, bí a bá ro bí kálukú ṣe dá lójú tó mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ àìdánilójú nìkan ló wà níbẹ̀, Q máa wà ní nǹkan bí 12, ìyẹn 13 dín 1, tí à ń kọ ní df. Ohun tí a rí ni 152.23. Láti inú rẹ̀ ni I² ti wá:

```
I² = (Q − df) / Q = (152.23 − 12) / 152.23 = 0.92
```

Nínú gbogbo ìyàtọ̀ tí a rí, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìdánilójú kò lè ṣàlàyé. Kò sọ pé ìdá 92 àwọn ìwádìí ń bára wọn jà, kò sì sọ bí odò ṣe jìnnà sí títì tó. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Higgins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 2003 pé a lè ka 25 sí kékeré, 50 sí àárín, 75 sí ńlá, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ di òfin. Bí gbogbo àgbà bá mọ ilẹ̀ náà dunjú, tí ọ̀pá wọn kò ju ìka lọ, ẹsẹ̀ bàtà kan tó wà láàárín wọn lè gbé I² dé 90, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan kò tó ohun tí ẹbí ń jà sí. Bí gbogbo ọ̀pá bá sì gùn gbọọrọ, I² lè jẹ́ 0 nígbà tí ààlà méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ wo àwọn ọ̀pá fúnra wọn, kí ẹ sì wá àlàfo tí òótọ́ ibòmíràn lè bọ́ sí. Nínú ti BCG, àlàfo náà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 0.15, ó dé 1.55: láti orí ààbò ńlá títí dé orí kí ó má sí ààbò kankan.

Dáyámọ́ǹdì tó wà nísàlẹ̀ àtẹ, tó kó gbogbo ọ̀pá pọ̀ di ìdáhùn kan, kò sọ èyí. Orí 0.49 ló wà, etí rẹ̀ sì jẹ́ 0.34 àti 0.70, ẹni tó bá fojú kan òun nìkan á ní abẹ́rẹ́ ń dín ikọ́ kù sí ìdajì níbi gbogbo. Bí a bá sì ṣe ìṣirò náà bí ẹni pé ààlà kan ṣoṣo ló wà, dáyámọ́ǹdì á sún lọ sí 0.65, nítorí ọ̀pá Madras nìkan máa gba nǹkan bí ìdá 41 nínú ìwọ̀n tí gbogbo wọn pín. Nígbà tí a gbà pé ààlà pọ̀, ìdá 10 péré ni wọ́n fún un.

Kí ló wá fa àìfohùnṣọ̀kan yìí? Colditz àti àwọn tirẹ̀ rí i pé bí ibi ìwádìí ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà dáadáa tó, ṣàlàyé ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní ìwọ̀n 52, Madras ní 13. Ilẹ̀ tiwa wà lápá ibi tí Madras wà, ẹni tó bá ń ka àtẹ yìí ní Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbé 0.49 lọ sílé bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ìyá ọmọ kankan má tìtorí èyí kọ abẹ́rẹ́. Ikọ́ ife tó ń ràn mọ́ awọ ọpọlọ ìkókó ni BCG dára sí jù lọ, ọ̀pá mẹ́tàlá yìí kò sì sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.