Ìdí tí bíìmù tó sán fi gbọ́dọ̀ gba àfikún agbára kí àwọn ayálégbé tó padà

Alàgbà,

Ẹ béèrè ìdí tí àwọn ayálégbé kò fi lè padà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín ní Ìbàdàn kí iṣẹ́ bíìmù máa lọ lọ́wọ́. Ìdáhùn náà wà nínú ọ̀nà tí bíìmù gbà sán.

Bí ẹrù bá wà lórí bíìmù, òkè rẹ̀ a máa fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa nà. Kọnkéré le dáadáa bí a bá fún un pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, agbára rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Irin gígùn tó wà nísàlẹ̀ ló ń gba fífà náà. Nítorí náà, ìlà tín-ín-rín tó dúró ṣánṣán láàárín bíìmù, tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 0.3 lọ, kì í sábà dẹ́rù bà wá. Tiyín kọ́ nìyẹn. Ẹ̀bá òpó ni tiyín wà, ó dàgẹ̀rẹ́, ó sì fẹ̀ tó mìlímítà 1.2. Níbẹ̀, ríńgì, ìyẹn irin tín-ín-rín tí a tẹ̀ yí irin gígùn ká, ló yẹ kó so kọnkéré pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbẹ́ ojú rẹ̀, mìlímítà 450 ni ríńgì kan fi jìnnà sí èkejì, dípò 150. Bíìmù náà fúnra rẹ̀ ga ní 450, ìyẹn ni pé ìlà tó dàgẹ̀rẹ́ lè gba àárín ríńgì méjì kọjá láì kan ìkankan. Bíìmù tó bá ń tẹ̀ láàárín a máa kìlọ̀. Èyí tó bá já lẹ́bàá òpó kì í dúró kìlọ̀.

Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi pín pálọ̀ òkè sí méjì, tí kò sí nínú pílàánù, ló dá kún ẹrù náà. Sìmẹ́ńtì tí bírikilà fi dí ojú ibi tí bíìmù ti sán ti tún sán lójú kan náà. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn, láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń sán sí i, náà kán ní ọjọ́ kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ilé ti ṣófo nígbà yẹn.

Kọnkéré tuntun tí a bá fi wé bíìmù kì í gba ẹrù tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń bá a gbé. Ìdí nìyẹn tí a ó fi kọ́kọ́ wó ògiri náà, kí a fi irin ìgbéró gbé dẹ́kìn títí ẹrù yóò fi kúrò lórí bíìmù. Lẹ́yìn náà ni a ó ha ojú rẹ̀, kí a lu dẹ́kìn láti gba orí ríńgì tuntun kọjá, kí a sì da kọnkéré mìlímítà 100 sí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irin ìgbéró yóò dúró nínú àwọn yàrá ìsàlẹ̀ fún ọjọ́ 28, kí kọnkéré tó gbó. Bí ènìyàn bá ń gbé òkè ní gbogbo àkókò yẹn, orí irin wọ̀nyí ni ẹrù wọn yóò wà.

Bí a bá yọ irin náà, a ó lẹ gíláàsì mìíràn mọ́ ọn fún ọjọ́ 14. Bí kò bá kán, wọ́n lè kó wọlé. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ pín pálọ̀ náà, pákó ni kí wọ́n fi pín in.