«Hā'ulā'i» kì í ṣe ti gbogbo ohun tó bá ti pọ̀

Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú rí á mọ ìlànà kan tí wọ́n máa ń há sórí nípa ọ̀rọ̀ ìtọ́ka èdè Lárúbáwá, irú «yìí» àti «yẹn»: hādhā fún akọ, hādhihi fún abo, hā'ulā'i fún ohun tó bá pọ̀. Bó bá jìnnà, ó di dhālika, tilka àti ulā'ika. Ọ̀pọ̀ ló há a bẹ́ẹ̀ dàgbà, tí wọ́n á wá tọ́ka sí àwọn ìwé orí tábìlì, tí wọ́n á ní «hā'ulā'i kutub». Lárúbáwá tó bá gbọ́ ọ á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, àmọ́ etí rẹ̀ ò ní gbà á.

Ìlànà yẹn jẹ́ ká rò pé ohun tí a nawọ́ sí la fi ń yan ọ̀rọ̀ ìtọ́ka. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń yàn án. Oòrùn kì í ṣe obìnrin, síbẹ̀ abo ni wọ́n ka shams sí, nítorí náà hādhihi ló ń gbà. Kitāb ní tirẹ̀ jẹ́ akọ: hādhā kitāb. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá di púpọ̀, tó di kutub, Lárúbáwá á kà á sí abo ẹyọ kan, á ní hādhihi kutub. Bí wọ́n bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, tilka kutub. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí kì í ṣe ènìyàn ṣe ń rí bó bá ti ju méjì lọ (ohun méjì ní ọ̀rọ̀ ìtọ́ka tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná). Ènìyàn ló ni hā'ulā'i àti ulā'ika, níbẹ̀ wọn kì í sì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin: hā'ulā'i rijāl, hā'ulā'i nisā'.

Ẹni tó mọ Àlùkùráánì dáadáa lè fi «tilka r-rusul» tó wà nínú Súrà Bákárà, áyà 253, já mi nírọ́, torí ènìyàn ni àwọn òjíṣẹ́. Òótọ́ ni. Rusul wà lára àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń fi yíyí inú ẹyọ wọn padà ṣe, irú wọn sì ṣeé kà sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ó sì gba abo. Àmọ́ ẹni tó ṣì ń kọ́ èdè náà kò ní ṣìnà bó bá di hā'ulā'i mú fún ènìyàn.

Èyí tó tún ń da èrò rú ju ìyẹn lọ ni «al» tó wà níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Hādhā kitābun túmọ̀ sí «Ìwé nìyí». Gbólóhùn ti parí. Fi al sí i, kó di hādhā l-kitābu, ó ti di «ìwé yìí», olùgbọ́ á ṣì máa retí ohun tó ṣe ìwé náà. Bí o bá fẹ́ sọ pé «Ìwé náà nìyí», fi huwa sí àárín: hādhā huwa l-kitābu. «Ìwé mi nìyí» ni hādhā kitābī, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ «ìwé mi yìí» lo fẹ́ wí, ọ̀rọ̀ ìtọ́ka á bọ́ sẹ́yìn: kitābī hādhā.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé «Tuntun ni àwọn ìwé yìí». Ìwé pọ̀, ó di kutub. Kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà hādhihi. Àwọn ìwé kan pàtó ni, al wọlé: hādhihi l-kutubu. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí tuntun, jadīd, gbọ́dọ̀ di abo ẹyọ bíi tiwọn, ṣùgbọ́n kò ní gba al: hādhihi l-kutubu jadīdatun. Bí o bá ṣèèṣì fi al sí i, tó di hādhihi l-kutubu l-jadīdatu, «àwọn ìwé tuntun yìí» lo sọ, gbólóhùn rẹ ò sì tíì parí.

Ti nítòsí àti ọ̀ọ́kán náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. «Dhālika l-kitāb» ni ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Bákárà pe Àlùkùráánì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Ọ̀pọ̀ àwọn onítúmọ̀ ní ipò gíga ìwé náà ni jíjìnnà yẹn ń fi hàn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù wà nínú Súrà Al-An'ām, áyà 78. Ànábì Ibrāhīm rí oòrùn tó ń yọ. Bāzighatan, «tó ń yọ», jẹ́ abo nítorí shams. Àmọ́ nígbà tí Ibrāhīm sọ̀rọ̀, ó ní «hādhā rabbī», akọ. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ gírámà fún un ni pé rabb, «olúwa», tó tẹ̀ lé hādhā, jẹ́ akọ, òun sì ni ọ̀rọ̀ ìtọ́ka bá mu níbẹ̀, kì í ṣe oòrùn.