Àwọn Àmì Ìju Inú Ilé-Ọmọ

Ìju inú ilé-ọmọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó mọ̀ sí fáíbírọ́ìdì, jẹ́ kókó líle tó ń hù láti ara ẹran tó di ògiri ilé-ọmọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an kí kókó tí a pè ní ìju tó já sí jẹjẹrẹ. Àwọn hòmóònù tó ń darí nǹkan oṣù ló ń bọ́ ọ, ìdí nìyí tó fi ń dàgbà ní àsìkò tí obìnrin ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, tó sì sábà máa ń sún kì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró pátápátá. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003 fojú bù ú pé ó lé ní 80 nínú 100 obìnrin aláwọ̀ dúdú tí yóò ti ní ìju kí wọ́n tó pé ẹni 50 ọdún. Púpọ̀ nínú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í mọ̀ rárá, nítorí pé ìju wọn kò fún wọn ní ìnira kankan.

Ibi tí ìju bá jókòó sí ló sábà máa ń pinnu ohun tí obìnrin yóò rí, ju bó ṣe tóbi tó lọ. Èyí tó yọrí sínú ihò ilé-ọmọ lè fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bí kò tilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Èyí tó yọrí síta lè tó sẹ̀ǹtímítà 8 kí nǹkan oṣù má sì yí padà, ṣùgbọ́n yóò máa ti àpò ìtọ̀ tàbí ìfun. Èyí tó wà láàárín ògiri gan-an lè ṣe méjèèjì.

Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó pọ̀ jù

Nígbà tí nǹkan oṣù bá ń jáde, ilé-ọmọ máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lè pa dé. Ìju tó wà nínú ògiri kì í jẹ́ kó rí ara fún pọ̀ dáadáa. Ó tún máa ń na awọ inú ilé-ọmọ kó fẹ̀ sí i, ó sì máa ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká wú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dá ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún yóò ṣì máa dà.

Àwọn ìwé ìṣègùn ka ẹ̀jẹ̀ tó bá ju mílílítà 80 lọ nínú oṣù kan sí àpọ̀jù, èyí tó tó nǹkan bí ṣíbí kékeré 16. Kò sí obìnrin tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé, nítorí náà àwọn àmì mìíràn ló wúlò jù: kí páàdì máa rin gbindin láàárín wákàtí kan sí méjì, kí ènìyàn máa wọ páàdì méjì lórí ara wọn, kó máa jí lóru láti pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ dídì tó tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ máa jáde, tàbí kí nǹkan oṣù kọjá ọjọ́ 8. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ń padà wá lóṣooṣù ti tó láti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣàdédé pọ̀. Ó máa ń fi díẹ̀díẹ̀ gòkè láàárín ọdún mélòó kan, ara obìnrin á sì mọ́ ọn lára. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, "Àǹtí, ṣé nǹkan oṣù yín ń pọ̀ jù?", èsì tó sábà máa ń gbọ́ ni, "Bó ṣe máa ń ṣe mí náà nìyẹn." Ó sàn kí ó béèrè iye páàdì, bó ṣe rin tó, àti ohun tí obìnrin náà ti pa tì nítorí nǹkan oṣù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni 38 ọdún, tó ń gbé ní Muṣin, tó sì ń ta léèsì ní ọjà Balógun. Nǹkan oṣù rẹ̀ tó máa ń gba ọjọ́ 4 tẹ́lẹ̀ ti di ọjọ́ 9, páàdì rẹ̀ sì ti kúrò ní mẹ́ta di mẹ́jọ lójúmọ́. Aṣọ dúdú nìkan ló ń wọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó sì máa ń tẹ́ náílọ̀n sórí àga kó tó jókòó. Ohun tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ náà rárá. Àtẹ̀gùn àjà kejì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ló ń mú un mí gúlegúle, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó sì ń rún yìnyín ṣáá. Àyẹ̀wò fi hàn pé ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 24 nínú 100, nígbà tó yẹ kó tó 36. Síkáànù rí ìju méjì: ọ̀kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 tó yọrí sínú ihò ilé-ọmọ, àti òmíràn tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9 ní ògiri iwájú.

Èyí kékeré yẹn ló ṣeé ṣe jù kó máa da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ ń kó èròjà irin ara rẹ̀ lọ, àìtó irin yìí ló sì máa ń fa kí ènìyàn máa yán hànhàn fún yìnyín, ìrẹsì tútù tàbí ẹfun. Àwọn kan máa ń rò pé oyún ni. Àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ tó funfun jẹ́ àmì mìíràn tí ará ilé pàápàá lè rí.

Ìtọ̀ lemọ́lemọ́ àti ìwúwo ní ìsàlẹ̀ ikùn

Ìju ńlá ti iwájú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àpò ìtọ̀ wà níwájú ilé-ọmọ gan-an, bí kókó bá sì ń tì í, kò ní rí àyè kún kó tó béèrè pé kí ènìyàn tọ̀. Obìnrin yìí ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Kì í mu omi láàárọ̀ mọ́, kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n ọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Afárá Èkó.

Ìtọ̀ tí ìju ń fà máa ń wá díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ta ènìyàn. Bí ó bá ń ta, tó ń rùn tàbí tí ibà bá tẹ̀ lé e, ó jọ kòkòrò inú ilé ìtọ̀. Bí ó bá ń pọ̀ gan-an nígbà kọ̀ọ̀kan tí òùngbẹ sì ń gbẹ ènìyàn, ìtọ̀ ṣúgà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn àìsàn wọ̀nyí lè wà lára ẹni tó ní ìju, nítorí náà kò yẹ kí a di gbogbo rẹ̀ ru ìju láìṣe àyẹ̀wò ìtọ̀.

Ìwúwo náà máa ń dà bíi pé nǹkan fẹ́ jábọ́ láti ìdí, pàápàá lẹ́yìn ìdúró pípẹ́. Ìró kì í ṣeé wé bó ṣe yẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ àti ojú kò sanra. Nígbà tí ilé-ọmọ bá ti tó ti aláboyún ọ̀sẹ̀ 12, orí rẹ̀ á yọ sókè egungun abẹ́ ikùn. Tó bá tó ti ọ̀sẹ̀ 20, á dé ìdodo. Obìnrin tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ láàárọ̀ lè fọwọ́ kan nǹkan líle níbẹ̀. Ìju tó tóbi tún lè tẹ òpó tí ìtọ̀ ń gbà bọ̀ láti inú kíndìnrín láìsí ìrora kankan, ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ní kí síkáànù wo kíndìnrín pẹ̀lú. Èyí tó wà lẹ́yìn máa ń ti ìfun, ó sì lè fa àìríyàgbẹ́.

Àwọn àmì tí kò yẹ kó dúró

Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró fún ọdún kan, kì í sábà jẹ́ ti ìju. Ọrùn ilé-ọmọ àti awọ inú rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Ìrora òjijì tó le lè jẹ́ pé ìju tó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ilé-ọmọ bí èso ti lọ́ mọ́ra, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé inú rẹ̀ mọ́.

Ilé ìwòsàn ni kí obìnrin gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an bí páàdì bá ń rin gbindin ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tó fẹ́ dákú, tàbí bí ìtọ̀ bá kọ̀ láti jáde nígbà tí ikùn rẹ̀ ti le.