Ìfàlélọ́wọ́ ni kí ẹ pè é

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ sí ìpàdé àwọn oníṣòwò kan ní Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti pe olùkọ́ kan wá kọ́ wa bí ẹni tó ni òwò ṣe lè jẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá a gbé nínú ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ èdè tó fi sọ ọ́ bà mí nínú jẹ́. Ó ní, "Ẹ máa dẹ́lígéètì, kí iṣẹ́ yín má bàa ní ọrùn ìgò, kí ẹ̀yin fúnra yín má sì jóná." Ìyá kan tó ń ṣòwò gààrí jókòó tì mí. Ó yíjú sí mi, ó bi mí léèrè pé ibo ni iná ti jó. Ìyá yìí kò ya òpè o. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gba àwọn obìnrin tó ń bá a yan gààrí, ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ọ yìí kò sì ṣàjèjì sí i rárá. Èdè ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ palẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò mọ́. Àwọn kan ń pe dẹ́lígéètì yìí ní "pínpín iṣẹ́". Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta lè pín iṣẹ́ láàárọ̀, kí ọ̀kan máa lọ aṣọ, kí ọ̀kan máa gán bọ́tìnnì, kí ọ̀kan máa gbálẹ̀, síbẹ̀ kí gbogbo wọn máa wojú ọ̀gá kí wọ́n tó mí. Iṣẹ́ ti pín, ìpinnu kò pín. Àwọn mìíràn ní "ìṣojú". Ẹni tó ń ṣojú mi dúró fún mi níbi tí n kò sí ni, bẹ́ẹ̀ mo lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà pẹ̀lú ẹni tí mo fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́. "Gbígbé agbára wọni" ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń fini jẹ oyè.

Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni "ìránniníṣẹ́". Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó dì mú ni pé àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, nítorí náà ẹni tí a rán ti ní àyè láti lo ọpọlọ rẹ̀ láti ayébáyé. Mo gbà fún un pé òwe náà lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí òwe náà ń bá wí: ẹni tí a rán ni, kì í ṣe ẹni tó ránni. Ẹni tó ránni ti rán an ní rádaràda, ẹni tí a rán ló wá fi ọgbọ́n tirẹ̀ tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ni èyí tí yóò de ọ̀gá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ tí a rán ni parí nígbà tí a bá padà dé. Ohun tí a fà léni lọ́wọ́ kò parí títí ẹni tó fà á léni lọ́wọ́ yóò fi wá gbà á.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà nílé. Òbí tó ń rìnrìn àjò á fa ọmọ lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Níbi ìgbéyàwó, wọ́n á fa ìyàwó lé ìdílé ọkọ lọ́wọ́. Nínú "fà á lé e lọ́wọ́" yìí, ohun náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan pàtó tí gbogbo ayé mọ̀. Mo sì ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé báwo ni. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo tí ọmọ ọdún márùn-ún gbọ́, kí la tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àyálò ṣe?

Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ wo ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ kó pọ̀n ọ́n. Ẹni tó fẹ́ pọ̀n ọ́n ló máa tẹ̀ síwájú, òun ló máa sún ọmọ débi tó bá a lẹ́yìn mu, òun ló máa di ọ̀já débi tó mọ̀ pé kò ní í tú. Bí ìyá bá wá di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, tó ń sọ pé "gbé e sókè díẹ̀, rárá, sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ọ̀já kò ní í dì. Ọmọ á máa sunkún láàárín àwọn méjèèjì, ọwọ́ ìyá kò sì ní í dilẹ̀.

Ní ti "ọrùn ìgò", ibi tí iṣẹ́ há sí ni mo ń pè é. "Jíjóná" náà ni rírẹ̀ tẹnutẹnu. N kò ní í jà lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tí mo mọ̀ dáadáa nítòsí Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ mọ bí ìlú ṣe máa ń rí bí Òjúde Ọba bá ń bọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá kì í yẹ̀, kò sì sí regbẹ́regbẹ́ tó máa gbà kí aṣọ òun pẹ́ dé. Ẹgbẹ́ kan gbé bùbá àti ṣòkòtò méjìdínláàádọ́ta fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún. Aránṣọ mẹ́ta ló ní, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rán méjì lóòjọ́, ìyẹn mẹ́fà. Nínú ọjọ́ mẹ́jọ, ó yẹ kí aṣọ ẹgbẹ́ náà ti parí. Àmọ́ ní ọjọ́ karùn-ún tí mo yà síbẹ̀, méjì nínú maṣínì mẹ́ta ló dákẹ́. Àwọn aránṣọ tó ń lò wọ́n ń tẹ fóònù. Lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni aṣọ tí wọn kò tíì gé kún sí dé ẹsẹ̀ tábìlì.

Bí a ṣe ń mọ ibi tí iṣẹ́ há sí nìyẹn: iṣẹ́ á máa gbá jọ níwájú ẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á sì máa jókòó lásán. Ọ̀gá nìkan ló ń gé aṣọ. Ohun tó ń sọ ni pé òun nílò aránṣọ kẹrin. Aránṣọ kẹrin ì bá kàn wá jókòó ti àwọn tó ń tẹ fóònù ni.

Mo ní kó fi ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta, kó máa kọ gbogbo ohun tó bá mú un gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń gé bùbá àti ṣòkòtò kan, síbẹ̀ láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ dé mẹ́jọ alẹ́, mẹ́ta péré ló ń rí gé. Wákàtí méjì nìyẹn nínú méjìlá. Ìwé náà sọ ibi tí ìyókù lọ. Àwọn oníbàárà ń pè láti béèrè pé ṣé ó ti ṣe tán. Òwú tán, òun ló lọ rà á. Aránṣọ kò lè ka ìwọ̀n tó kọ sínú ìwé, òun ló wá kà á. Lóru, láti agogo mẹ́wàá, ló wá ń gbìyànjú láti gé nínú mẹ́ta yòókù tí àwọn aránṣọ ń retí. Ní òru kan, ó gé ẹsẹ̀ òsì méjì fún ṣòkòtò kan ṣoṣo, lára aṣọ tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Aṣọ náà kò ṣe é yí padà. Mo rí i bó ṣe ń tẹ́ ẹ, tó ń ká a, tó tún ń tẹ́ ẹ.

Ibi tí àwọn olùkọ́ni ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n á ní kó fa gígé aṣọ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Rárá o. Gígé ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù, òun náà ló sì há. Ohun tó ń fà á kúrò nídìí gígé ló yẹ kó kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì dúró tì í. Ọ̀gá pè é lójú gbogbo àwọn yòókù, ó ní: "Láti òní lọ, ìwọ lo ni fóònù ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìwọ̀n àti ọjọ́ ìgbaṣọ. Má ṣèlérí ju mẹ́fà lọ lójúmọ́. Òwú, bọ́tìnnì, síìpù, rà á láìbi mí bí kò bá ju ₦5,000 lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká dín owó, ìyẹn nìkan ni kó o gbé wá bá mi. Ní agogo méje alẹ́, mú ìwé wá ká jọ wò ó." Ẹ ṣàkíyèsí pé kò kọ́ ọ bó ṣe máa dáhùn fóònù. Ó sọ ohun tó fẹ́ rí, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ìgbà tó máa jíhìn. Ó sì sọ ọ́ lójú àwọn tó máa bá a ṣiṣẹ́, torí bí wọn kò bá gbọ́, ọ̀gá náà ni wọ́n á ṣì máa tọ̀ lọ.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́ ní ọjọ́ kejì. Oníbàárà kan pe ọ̀gá sórí fóònù tirẹ̀, ó dá a lóhùn, ó fún un ní ọjọ́ Thọ́sìdeè. Ọmọbìnrin náà ti kún Thọ́sìdeè sí mẹ́fà, ó wá di méje. Ó tún bi ọ̀gá léèrè pé, "Ọ̀gá, òwú wo ni kí n rà sí tàwọn ìyá yẹn?" ọ̀gá sì ti la ẹnu láti dáhùn. Mo ṣẹ́jú sí i. Ó gbé ẹnu dé, ó ní, "Èwo nìwọ rò pé ó bá a mu?" Ó mú èyí tó yẹ. Bí ó bá ti dá a lóhùn ni, ìpinnu ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ọmọbìnrin náà á sì tún béèrè lọ́la.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá ń gé mẹ́jọ lóòjọ́ láìfi òru kún un. Àwọn aránṣọ kò lè rán ju mẹ́fà lọ, nítorí náà ibi tí iṣẹ́ há sí ti ṣí kúrò lọ́rùn ọ̀gá lọ sídìí maṣínì. Ìgbà yìí gan-an ni aránṣọ kẹrin wá wúlò.

Lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa gígé gan-an léni lọ́wọ́, ṣòkòtò nìkan, pẹ̀lú pátánì tó fi páálí gé. Orí ìgbà tó máa wò ó la ti fa ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ wò ó nígbà tí wọ́n bá gé e tán. Mo ní kó wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Ṣọ́ọ̀kì ṣe é gbọ̀n kúrò. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ó ń wo ọ̀kan nínú márùn-ún.

Agbádá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tó ń wọlé nídìí agbádá kan pọ̀, olówó rẹ̀ kì í sì í gba àwáwí. Ó ní bí Iléyá bá kọjá, òun á ra aṣọ olówó pọ́ọ́kú, kí ọmọbìnrin náà fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i níṣojú òun.