Ìbéèrè Tó Wà Lẹ́nu Ìyá Ọmọ

Bí ẹ bá gba ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn lórí abẹ́rẹ́ ọmọdé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, "Kí ni àjẹsára?" lẹ máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ, n kò sì tíì rí ìyá kan tó pọn ọmọ láti Òkè-Àró tàbí Ọ̀bá-Ilé wá torí kó lè béèrè ìyẹn. Ó mọ ohun tí àjẹsára jẹ́, òun náà ló mú un jí wá tò ní òwúrọ̀. Ohun tó ń já a láyà yàtọ̀, kò sì sí nínú ìwé náà.

Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan, ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń kọ káàdì ni mo máa ń lọ jókòó sí. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ àti nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ ló ń gbọ́ ìbéèrè ní tútù. Tó bá fi máa dé iwájú dókítà, ìyá ọmọ á ti gé e kúrú, á ti fi ìtìjú bò ó. A ó fi ìwé kékeré kan síbẹ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n máa kọ ìbéèrè sí i bó ṣe jáde lẹ́nu gan-an, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. A ó tún wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọ fóònù ilé ìwòsàn lálẹ́, nítorí ohun tí kò jẹ́ kí ìyá sùn ló máa ń béèrè ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò dáadáa. Nínú ìwé tí mo bá nílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ǹjẹ́ àjẹsára BCG ní àtúbọ̀tán?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó lè ní àtúbọ̀tán díẹ̀, àmọ́ kì í sábà le. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ìyá ọmọ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ohun tó wà nínú ìwé kékeré ìdí tábìlì nìyí: "Ibi tí wọ́n gún lápá ọmọ mi ti wú, ó ń ṣọyún. Ṣé wọn ò gún un dáadáa ni? Kí ni kí n fi sí i?"

BCG ni abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun sí apá òsì. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ibẹ̀ máa ń wú bíńtín, ó lè di egbò kékeré tó ń ṣọyún, á sì jinná fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, á fi àpá sílẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ á fi òrí pa á, á da ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i, tàbí kó fún un kí ọyún lè jáde. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo kọ ni: "Apá ọmọ mi ń ṣọyún níbi tí wọ́n gún BCG. Kí ni kí n fi sí i?" Ìdáhùn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó fẹ́ gbọ́: "Ẹ má fi nǹkan kan sí i. Bí BCG ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á jinná fúnra rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni àlàyé tẹ̀ lé e, àti pé kó máa wẹ ọmọ bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Ìparí rẹ̀ ni ìgbà tó yẹ kó padà wá: bí egbò náà bá ń fẹ̀ sí i, tàbí bí kókó bá yọ lábẹ́ abíyá apá òsì náà.

Mo rò pé ó ti parí. A fún ìyá kan kà, nọ́ọ̀sì wá bi í pé, "Màmá, bí apá ọmọ yìí bá ṣọyún, kí lẹ máa ṣe?" Ó ní, "Mi ò ní fi nǹkan kan sí i. Omi gbígbóná nìkan ni mo máa fi jó o." Lójú tirẹ̀, omi kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi sí egbò. A wá kọ ọ́ ní kedere: òrí, ìpara, ìyẹ̀fun kápúsù, àgbo, omi gbígbóná, ẹ má lò ó. Ìdí tí mi ò fi í béèrè "ṣé ó yé yín?" nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò ní sọ pé ó yé òun.

Ìwé kékeré náà tún gbé òdìkejì rẹ̀ jáde: "Ọmọ aládùúgbò mi ní àpá, tèmi ò ní. Ṣé kí wọ́n tún un gún?" Rárá ni. Àìsí àpá kò fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà ò ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í tún un gún nítorí ìyẹn. Abẹ́ ti àkọ́kọ́ ni mo kọ eléyìí sí, torí ẹni tó bá ka ọ̀kan ló máa wá èkejì.

Ìbéèrè lórí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó ti kọjá ló le jù. Ìwé àtijọ́ kàn to ọjọ́ sílẹ̀ ni: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, oṣù 9 àti 15. Àmọ́ ìyá tó ti fo abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 10, tí ọmọ rẹ̀ sì ti pé oṣù márùn-ún, ohun méjì ló ń dà á láàmú: ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún máa bẹ̀rẹ̀, àti ṣé wọ́n máa bú òun lójú èrò. Èkíní rọrùn láti dáhùn: ibi tí wọ́n dé ni wọ́n ti máa tẹ̀ síwájú, èyí tí ọmọ ti gbà kò bàjẹ́, kó sáà mú káàdì dání. Ọ̀kan tàbí méjì wà tí ọjọ́ orí ọmọ lè ti kọjá, nọ́ọ̀sì ló máa wo ìyẹn.

Èkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ lásán. Bí a bá kọ ọ́ pé "ẹnikẹ́ni kò ní bú yín", tí nọ́ọ̀sì sì figbe ta ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, irọ́ la pa, ìyá náà ò sì ní gba ìyókù ìwé yẹn gbọ́ mọ́. Mo gbé e lọ bá mátíróònù, mo ní bí kò bá lè dá wọn lójú, ká yọ gbólóhùn náà. Ó bá àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ ọ́ kó tó ní ká kọ ọ́.

Ti owó kò gba àlàyé púpọ̀. Abẹ́rẹ́ náà ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ilé ìwòsàn tiyín bá ń gba owó káàdì, ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. "Owó kékeré" kò ran ẹni tó ń ṣírò owó ọkọ̀ lọ́wọ́.

Àhesọ gba ìṣọ́ra. Láti 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ HPV fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ni "ṣé kò ní sọ ọmọ mi di àgàn?" ti ń wọlé. Ẹ̀rù gidi ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, ó sì lè má ka ìdáhùn. Ohun tí mo kọ ni: "Kí ni abẹ́rẹ́ HPV ń ṣe nínú ara ọmọbìnrin mi?" Gbólóhùn àkọ́kọ́ ìdáhùn ní ó ń dáàbò bo ẹnu ilé ọmọ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, èkejì ní kò dí ọmọ bíbí lọ́wọ́.

Mo máa ń kọ oṣù àti ọdún sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, màá sì ní kí wọ́n fi ìwé kékeré yẹn sílẹ̀ nídìí tábìlì. Bí "kí ni kí n fi sí i?" bá ṣì ń wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé tuntun ti jáde, ìdáhùn tiwa la máa tún kọ.