Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ jórinjórin ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ọ̀nà méjì ni ọmọ tó jáde níléèwé máa ń gbà kọ́ iṣẹ́ jórinjórin ní agbègbè yìí. Ọ̀kan ni kó lọ bá ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù, kó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, kó sì gba fírídọ̀ọ̀mù nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé. Èkejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹkiníkà, bí èyí tí ìjọba ní ní Ìlọrin. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan tún wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà ìṣèjọba Abdulfatah Ahmed (2011–2019).

Lẹ́yìn JSS 3 ni wọ́n ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì ń lò kí wọ́n tó ṣe ìdánwò NABTEB. Àwọn pólì máa ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bí kírẹ́díìtì bá pé. Síbẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ òbí, ọmọ tí ìwé kò yé ni wọ́n ń fi síbẹ̀, torí náà ọmọ tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, tí iṣẹ́ yìí nílò jù, kì í sábà débẹ̀.

Ní ti owó, àárín méjì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ́ sí. Owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kò kọjá JSS 3. Ti TETFund, àjọ tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀dọ̀ pólì, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni àti yunifásítì ló ń lọ jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹkiníkà wá wà lọ́rùn ìjọba tó ni ín.

Ibi tí àìsówó ti ń hàn jù ni ọ̀pá ìjórin. Ọ̀pá tó nípọn mílímítà 2.5 kì í jó ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ogún ọmọ bá jó mẹ́wàá mẹ́wàá, igba ọ̀pá ti lọ nínú kíláàsì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ páálí kílò márùn-ún kò ju bíi 250 ọ̀pá lọ. Bí páálí bá tán, ojú pátákó ni olùkọ́ yóò máa ya iná sí. Àmọ́ ojú pátákó kò lè kọ́ ọwọ́ láti mọ bí ọ̀pá ṣe ń kúrú, kó sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àlàfo iná má baà gùn.

Ọwọ́ tí kò tíì mọ́ra kò ṣòroó dá mọ̀. Ojú ìjórin rẹ̀ lè máa dán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi irin méjì tí ọmọ náà jó pọ̀ ní igun sínú báìsì, tí wọ́n sì fi òòlù gbá a títí ó fi ya, ìdàrọ́ dúdú ni wọn yóò rí nínú, níbi tó yẹ kí irin ti yọ́ wọnú ara wọn. Ohun tó sábà ń fà á ni pé iná kéré jù, tàbí pé ọmọ náà kò ha ìdàrọ́ ìpele àkọ́kọ́ kúrò kó tó jó èkejì lé e. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá á tún èyí ṣe lójú ẹsẹ̀, torí géètì oníbàárà ni. Ìdí nìyí tí àwọn kan tó ti gba ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá fún oṣù díẹ̀.

Ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù wá náà lè gba ìwé ẹ̀rí: iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìdánwò onípele mẹ́ta fún un.