Rìsíìtì Kejì Ló Máa Ń Dá Ìwé Padà

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé bí àlàyé bá ṣe gùn tó ni àwọn akáǹtì yóò ṣe tètè san owó tí èèyàn ná lórí iṣẹ́ padà. Irọ́ ni. Akáǹtì kì í ka ìtàn ìrìnàjò. Á wo iye tó wà nínú ìwé tí òṣìṣẹ́ fi bèèrè owó náà, á wo iye tó wà lára rìsíìtì, bí méjèèjì kò bá sì bára mu, á ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á mú ti ẹlòmíì.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ti Èkó lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sùn síbẹ̀ lálẹ́ méjì, ó wá kọ ọ́ pé: "Ọkọ̀, òtẹ́ẹ̀lì àti nǹkan míì, bíi ₦84,000. Rìsíìtì wà nínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù." "Bíi" yẹn nìkan ti tó láti dá ìwé padà. Kó fi báírò kọ nọ́ńbà sórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé:

1. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì 1a àti 1b: ₦16,000
2. Òtẹ́ẹ̀lì, alẹ́ méjì, rìsíìtì 2: ₦53,750
3. Fọ́tòkọ́pì, rìsíìtì 3: ₦4,500
4. Takisí láàárín ìlú, fáwọ́ṣà 4: ₦6,000

Àpapọ̀: ₦80,250
Owó tí mo ti gbà ṣáájú: ₦50,000
Ìyókù tó tọ́ sí mi: ₦30,250

Ìlà kejì ni kókó wà. ₦57,250 ló wà lára rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì: yàrá ₦50,000, owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn ₦3,750, àti ₦3,500 tí wọ́n fi fọ aṣọ rẹ̀. Bó bá kọ ₦50,000, ó ti fi ₦3,750 ta ilé iṣẹ́ lọ́rẹ. Bó bá kọ ₦53,750 láìsọ nǹkan kan, akáǹtì á rò pé ó ṣe àṣìṣe. Gbólóhùn kan ló nílò lábẹ́ ìlà náà: "₦57,250 ló wà lára rìsíìtì 2, ₦3,500 ìfọṣọ jẹ́ tèmi, n kò bèèrè rẹ̀."

Ìwé pélébé tí ẹ̀rọ POS ń pọ̀ jáde kì í ṣe rìsíìtì. Ó fi hàn pé owó jáde, kò sọ ohun tí owó náà rà. Ṣe ni kí èèyàn so ó mọ́ rìsíìtì gan-an. Ooru ló sì ń tẹ nǹkan sára irú ìwé bẹ́ẹ̀, ooru náà ló tún ń bà á jẹ́: bó bá pẹ́ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, á dúdú, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ á sì pòórá. Sẹlotéèpù tí wọ́n bá lẹ̀ lé orí iye owó pàápàá lè pa á rẹ́. Kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì fi méjèèjì ránṣẹ́.

Ibi tí ètò yìí kù díẹ̀ káàtó sí ni ọ̀rọ̀ takisí. Awakọ̀ kì í sábà fún èèyàn ní rìsíìtì, síbẹ̀ ẹ̀rí ni akáǹtì ń wá. Fáwọ́ṣà 4 ló ń dí àlàfo náà: ọjọ́, ibi tó ti wọkọ̀, ibi tó bọ́ sí, iye tó san ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, àti ìbuwọ́lù ọ̀gá rẹ̀. Kó ya ìrìn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. ₦6,000 gbáko lójú kan ni wọ́n máa ń bi í léèrè.